Bí A Ṣe Lè Sọ fún Ọ̀rẹ́ Wa Pé Òwò Tó Fẹ́ Ṣe Ń Kọ Wá Lóminú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan owó, ó sì kan ọ̀rẹ́.

Nígbà mìíràn, ọ̀rẹ́ wa a wá bá wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, a ní òun ti rí òwò kan tí òun fẹ́ ṣe. Bó ti ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa ń sọ fún wa pé owó yìí lè ṣòfò. Kí ni ká ṣe? Ẹlòmíràn a dákẹ́, kí wọ́n má bàa sọ pé ó ń jowú. Ẹlòmíràn a pariwo pé: "Má dán an wò o, gbèsè lo máa jẹ!" Ẹni tó dákẹ́ kò ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó pariwo náà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ariwo kì í ṣe àlàyé.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ ká mú òwò kan tí gbogbo wa mọ̀: ká ra àgbàdo nígbà ìkórè, ká tọ́jú rẹ̀, ká sì tà á nígbà tó bá wọ́n. Ẹ mú ìwé àti gègé yín, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀.

Òwò tí ọ̀rẹ́ fẹ́ ṣe

Obìnrin kan wà tó ń ta àkàrà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Alákàrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Aláṣọ. Ní oṣù kẹsàn-án, Ìyá Alákàrà wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní àpò àgbàdo kan jẹ́ 15.000 fàránkì báyìí, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún tó kọjá, 25.000 ni wọ́n ń tà á. Ó fẹ́ ra 40 àpò. Owó rẹ̀ yóò jẹ́ 600.000. Òun fúnra rẹ̀ ní 200.000 nílé. Yóò yá 400.000 tó kù lọ́wọ́ olówó èlé, ẹni tó ń gba 5.000 lórí 100.000 lóṣooṣù.

Ìyá Alákàrà ti ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí ó bá ta 40 àpò ní 25.000, owó tó máa wọlé jẹ́ 1.000.000. Bí ó bá yọ 600.000 kúrò, ó ku 400.000. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun yóò fi kan páànù ilé òun.

Òwò yìí kì í ṣe òwò wèrè. Àgbàdo a máa pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. A sì máa wọ́n nígbà tí àgbàdo tuntun kò tí ì gbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jèrè nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí Ìyá Aláṣọ sọ pé "òwò burúkú ni." Kì í ṣe òótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ohun mìíràn tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù

Kí o tó la ẹnu, bi ara rẹ pé: kí ni ó ń bà mí lẹ́rù gan-an nínú òwò yìí? Bí o kò bá lè tọ́ka sí i, lọ wádìí ná. Ẹ̀rù tí kò ní orúkọ, ìlara ni ọ̀rẹ́ yóò pè é. Nínú òwò àgbàdo, ibi mẹ́ta ni ẹ̀rù máa ń wà.

Èkíní ni owó èlé. Olówó èlé kò bìkítà bí ọjà bá tà tàbí bí kò tà. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù karùn-ún jẹ́ oṣù 8. Èlé 400.000 jẹ́ 20.000 lóṣù kan. Lóṣù 8, ó di 160.000. Ìyá Alákàrà kò ka owó yìí mọ́ ọn rárá, nítorí ẹni tó ń yáni lówó kì í sọ ọ́ ní àpapọ̀. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré" ló máa ń sọ.

Ẹ̀kejì ni àdánù. Àgbàdo tí a kó sínú ilé kì í jáde bó ti wọlé. Bí ó bá ní omi lára, yóò bu, yóò sì fúyẹ́ bó ti ń gbẹ. Kòkòrò náà sì wà. Èyí tó burú jù ni kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń lu àgbàdo ní ihò, tó sì ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní Tógò, kò sì pẹ́ tó fi dé Bẹ̀nẹ̀. Kì í ṣe àgbàdo nìkan ló ń jẹ, a máa jẹ èlùbọ́ gbígbẹ, a sì máa lu igi àká pàápàá. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ àpò, ẹ mọ̀ pé ó ti wọlé. Ẹni tó bá ta 36 àpò nínú 40 tó kó pamọ́, a lè sọ pé ó ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni iye tí a ó tà á. Iye ti èṣí kì í ṣe ìlérí fún ọdún yìí. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ìkórè kejì wà ní ìparí ọdún. Bí òjò rẹ̀ bá dára, àgbàdo yóò tún pọ̀, iye kò sì ní gòkè bí a ti rò. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ tọ́jú àgbàdo, wọn á jọ kó o jáde lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀ràn ibodè sì tún wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ mọ́ ọjà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó náírà já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń dúró de oníbàárà láti òdìkejì ibodè nígbà náà mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òun ni iye ọjà wà.

Ṣe ìṣirò náà lórí ìwé

Ẹ fa ìlà kan sí àárín ìwé yín. Lápá òsì, ẹ kọ owó tó ń jáde. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ owó tó ń wọlé.

Owó tó ń jáde nìyí. Àgbàdo 40 àpò: 600.000. Owó ọkọ̀, 500 lórí àpò kan: 20.000. Ilé ìkẹ́rùsí, 3.000 lóṣù fún oṣù 8: 24.000. Àpò àti oògùn kòkòrò, 400 lórí àpò kan: 16.000. Owó èlé: 160.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 820.000.

Owó tó ń wọlé nìyí. Àpò 36 ní 25.000 jẹ́ 900.000. Èrè jẹ́ 80.000. Kì í ṣe 400.000 mọ́.

Ẹ wo èyí náà. Bí iye bá gòkè dé 21.000 péré ńkọ́? 36 lọ́nà 21.000 jẹ́ 756.000. Ó dín ní 64.000 sí ohun tó ná. Bí iye kò bá kúrò ní 15.000 rárá ńkọ́? 540.000 ló máa wọlé. Àdánù jẹ́ 280.000, ìyẹn ni pé gbogbo owó tirẹ̀ ti lọ, ó sì tún jẹ gbèsè 80.000 lé e lórí.

Ní báyìí, ẹ pín 820.000 sí ọ̀nà 36. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22.800. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí àpò kan tó kọjá 22.800, Ìyá Alákàrà kò tí ì jèrè fàránkì kan. Ẹ̀rù tí Ìyá Aláṣọ ní sínú ti wá ní orúkọ báyìí.

Ẹ má dúró níbẹ̀ o. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Bí Ìyá Alákàrà bá fi owó ara rẹ̀ nìkan ra 10 àpò, 150.000 ni. Ọkọ̀ jẹ́ 5.000. Àpò àti oògùn jẹ́ 4.000. Yàrá rẹ̀ gba 10 àpò, kò ní háyà ilé. Àpapọ̀ jẹ́ 159.000. Ká ní àpò kan ṣòfò, tó ta 9. Ní 25.000, yóò gba 225.000, èrè jẹ́ 66.000. Ní 21.000, yóò gba 189.000, èrè jẹ́ 30.000. Bí iye bá dúró sí 15.000, yóò pàdánù 24.000, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ fi wé ara wọn. Nígbà tí ọjà bá dára, 40 àpò tó fi gbèsè rà mú 80.000 wá. 10 àpò tó fi owó ara rẹ̀ rà mú 66.000 wá. Nítorí 14.000 tó wà láàárín wọn ló fi fẹ́ gbé ẹrù ńlá yẹn rù.

Ìgbà tó yẹ àti ibi tó yẹ

Sọ ọ́ kó tó gba owó lọ́wọ́ olówó èlé. Lẹ́yìn tó bá ti gbà á, ìmọ̀ràn rẹ yóò dà bí ẹ̀gàn. Bí o bá gbọ́ lónìí pé ọ̀la ni yóò gbowó, má dúró de ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Má sọ ọ́ níwájú oníbàárà rẹ̀. Má sọ ọ́ níwájú ọkọ rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Má sì sọ ọ́ nínú ìpàdé èésú. Ẹni tí a bá jiyàn níwájú ènìyàn, ojú tì í, yóò sì máa gbèjà òwò náà kódà bí ó ti rí i pé ó ní ihò. Lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́, nígbà tó ti kó agbada rẹ̀ wọlé tó sì ti simi.

Má sì kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu ará ọjà dé etí rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kò sí bí o ṣe máa ṣàlàyé pé ìfẹ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè lọ

Ẹ gbọ́ bí Ìyá Aláṣọ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó kí i, ó bi í nípa ọmọ, lẹ́yìn náà ló ní:

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àgbàdo tí o bá mi sọ. Inú mi dùn pé o fẹ́ kan páànù ilé rẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń kọ mí lóminú. Ṣé kí n sọ ọ́?"

Ó tọrọ àyè kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti dáhùn pé "sọ ọ́" ti ṣí etí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ní "kì í ṣe lónìí", ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló dára.

"Sọ ọ́."

"Olówó yẹn, èlo ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ títí dé oṣù karùn-ún?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ọ̀kẹ́ márùn-ún ni."

"Lóṣù kan nìyẹn. Jẹ́ ká jọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè ló bi í. Kò sọ pé "o kò mọ ìṣirò." Ó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ di gègé mú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 160.000. Nọ́ńbà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ máa ń wọ̀ ọ́ lára ju èyí tí a pè fún un lọ. Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá tíì mọ ìwé kọ, ẹ lo òkúta kéékèèké tàbí hóró àgbàdo: hóró kan dúró fún 20.000.

Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, Ìyá Alákàrà dákẹ́. Ìyá Aláṣọ kò yára sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Bí àpò kan kò bá kọjá 22.800, ìwọ ni yóò máa fi owó àkàrà san gbèsè. N kò mọ iye tí yóò jẹ́ ní oṣù karùn-ún. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kí n má ṣe é mọ́ nìyẹn?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó rẹ ni, ìwọ lo ni ìpinnu. Wo ọ̀nà mìíràn tí mo rí: bí o bá fi tìrẹ ra mẹ́wàá ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó sọ ẹ̀rù kan ṣoṣo, ó sì gbé nọ́ńbà kalẹ̀ fún un. Ó jẹ́wọ́ ohun tí òun kò mọ̀. Ó fi ọ̀nà mìíràn hàn án. Lẹ́yìn náà, ó fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ni owó. Bí ó bá ka ẹ̀rù mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò mú èyí tó rọrùn jù láti dáhùn, yóò sì gbàgbé èyí tó wúwo.

Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́

Àwọn kan a máa fi òwe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn á ní "ọ̀nà jìn, ìyá mi", wọn á sì lọ. Ọ̀rẹ́ kò ní mọ̀ bóyá èlé ni wọ́n ń sọ ni, tàbí kòkòrò. Òwe dára, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ̀rọ̀ gan-an tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn a máa sọ ìtàn ẹnìkan tó jẹ gbèsè. Ọ̀rẹ́ yóò dáhùn pé òun kì í ṣe ẹni yẹn, òótọ́ ló sì sọ. Ìṣirò tirẹ̀ ni kí ẹ bá a ṣe.

Bí ìwọ náà bá ń ta àgbàdo, tàbí bí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ síta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ro ó nínú ara rẹ̀. Wí pé: "O mọ̀ pé èmi náà ń ta á, nítorí náà tún bi ẹlòmíràn wò." Bí o kò bá fẹ́ yá a lówó, sọ pé o kò lè yá a. Má fi ìmọ̀ràn bo àìfẹ́ yáni lówó mọ́lẹ̀.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé ó gbọ́? Bí ó bá ń bi wá ní ìbéèrè, tàbí bí ó bá mú ìwé náà lọ, ó ti gbọ́. Bí ó bá kàn ń sọ pé "ó dáa, ó dáa" tó sì ń wo ẹ̀gbẹ́, kò tí ì gbọ́. Ẹ má tún un sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ bi í pé: "Kí lo rò sí ohun tí a kọ?" Lẹ́yìn ìyẹn, ó tó. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ti kúrò ní olùdámọ̀ràn, ó ti di ìdààmú.

Bí ó bá ní òun yóò ṣe é síbẹ̀

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni láti dín àdánù kù. Bá a wo àgbàdo kó tó ra á. Ẹ mú ìgò gbígbẹ kan, ẹ da hóró àgbàdo àti iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì mì í dáadáa. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà lára àgbàdo, kí ó tún un sá sóòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti gbẹ tó láti kó pamọ́. Kí ó bó o kúrò lára ṣúkù, nítorí kòkòrò tí a sọ ń fẹ́ràn èyí tó wà lára ṣúkù jù. Kí ó gbé àpò lé orí igi, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Kó sì má fi oògùn òwú sí i láé. Oògùn tí wọ́n ń fín sí oko òwú ti pa àwọn ènìyàn tó jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi sí.

Bá a fi ọjọ́ kan sí i pẹ̀lú. Kí ó pinnu nísinsìnyí pé: "Bí ó bá di oṣù kẹta tí àpò bá ti kọjá 19.000, màá ta ìdajì, màá sì san lára gbèsè." Ẹni tó bá pinnu kí ọkàn rẹ̀ tó gbóná máa ń rántí rẹ̀. Bí ọjà bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ má sọ pé "ṣebí mo sọ fún ọ." Ó rántí pé ẹ sọ ọ́. Ẹ kàn lọ bá a nílé gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ ìkàwé

Ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè, kí ẹ sì ṣe ohun mẹ́ta yìí.

1. Ká ní Ìyá Alákàrà yá 100.000 péré, tó sì ra 20 àpò. Èlo ni owó èlé fún oṣù 8? Iye wo ni àpò kan gbọ́dọ̀ kọjá kó tó jèrè, bí àpò 2 bá ṣòfò? Ẹ fi ilé ìkẹ́rùsí 24.000 kún un.

2. Kí ẹni méjì dìde. Kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta sí abúlé tí ẹ̀rọ méjì ti wà. Kí ìkejì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta láìsọ pé "má ṣe é".

3. Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ lè fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kí ẹ tó sọ ohun tó ń kọ yín lóminú.

Ìdáhùn ìkíní: èlé jẹ́ 40.000, owó tó jáde lápapọ̀ jẹ́ 382.000, iye àpò kan gbọ́dọ̀ kọjá 21.200 àti díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá bá èyí mu, kó tún un ṣe pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì í.